Àfòmọ́ Nìkan Kò Tó: Ìbámu ni Ẹ̀rí Ọ̀wọ́ Ọ̀rọ̀-Orúkọ

Yunifásítì Bowen tó wà ní Ìwó ń jẹ́ orúkọ Thomas Jefferson Bowen, ajíyìnrere ìjọ Onítẹ̀bọmi láti Amẹ́ríkà, tí ìwé gírámà àti atúmọ̀-èdè Yorùbá rẹ̀ jáde lọ́dọ̀ àjọ Smithsonian ní 1858. Ó pẹ́ tí àwọn tó ń kọ gírámà èdè wa ti ń tọ́ka sí i pé fáwẹ̀lì ló bẹ̀rẹ̀ èyí tó pọ̀ jù nínú ọ̀rọ̀-orúkọ Yorùbá, àti pé tí a bá bọ́ fáwẹ̀lì náà kúrò lára púpọ̀ nínú wọn, ọ̀rọ̀-ìṣe ni yóò ṣẹ́ kù. Láti ara “kú” ni a ti rí “ikú” àti “òkú”. “Dẹ” ló bí “ọdẹ”. “Pẹja” ló bí “apẹja”. Àwọn onímọ̀ èdè sì gbà lónìí pé ẹbí Niger-Congo ni Yorùbá wà, ẹbí kan náà tí Sùwàhílì, Súlù àti àwọn èdè Báńtú yòókù wà, àwọn tí àfòmọ́ ìbẹ̀rẹ̀ ń pín ọ̀rọ̀-orúkọ wọn sí ọ̀wọ́-ọ̀wọ́. Ìdí nìyí tí ó fi rọrùn láti sọ pé fáwẹ̀lì tiwa náà ń pín ọ̀rọ̀ sí ọ̀wọ́. N kò fara mọ́ èyí. Lójú tèmi, ara ọ̀rọ̀-orúkọ kọ́ ni a ti ń mọ ọ̀wọ́. Ara àwọn ọ̀rọ̀ tó yí i ká ni, ẹni tí kò bá sì tíì yẹ ìyẹn wò kò tíì rí ọ̀wọ́ kankan.

Ẹ jẹ́ ká wo Sùwàhílì dáadáa. “Kisu kimoja kimeanguka” túmọ̀ sí pé ọ̀bẹ kan já bọ́. Tí ọ̀bẹ bá di méjì, gbólóhùn náà yóò di “visu viwili vimeanguka”. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀-orúkọ ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀ òǹkà, ó sì ṣẹlẹ̀ sí ọ̀rọ̀-ìṣe pẹ̀lú. Tó bá jẹ́ ènìyàn ló ṣubú, “mtu mmoja ameanguka” ni wọn yóò sọ fún ẹyọ kan, “watu wawili wameanguka” fún méjì. Ẹni tó bá dúró síbí lè rò pé títẹ̀lé àfòmọ́ ọ̀rọ̀-orúkọ ti tó. Ṣùgbọ́n “kiongozi”, ìyẹn olórí, ní “ki-” níwájú bíi ti ọ̀bẹ, síbẹ̀ “kiongozi mmoja amefika” ni wọ́n ń sọ tí olórí kan bá dé. Ìbámu ènìyàn ni ọ̀rọ̀ náà ń gbà, kì í ṣe ti ọ̀bẹ. “Nyumba”, ìyẹn ilé, tún la ọ̀rọ̀ náà yéni jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí kì í yí padà rárá: “nyumba moja imeanguka” fún ilé kan tó wó, “nyumba mbili zimeanguka” fún méjì. Ara ọ̀rọ̀-ìṣe, lára “i-” àti “zi-”, ni a ti mọ̀ pé ọ̀wọ́ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni. Bí aṣọ ẹbí ṣe ń fi hàn lóde ìnáwó pé ẹbí ìyàwó tàbí ti ọkọ ni àlejò bá wá, bẹ́ẹ̀ ni ìbámu ń fi hàn ibi tí ọ̀rọ̀ ti wá, bí orúkọ ọ̀rọ̀ náà tilẹ̀ ṣini lọ́nà.

Iṣẹ́ tó yẹ kí olùtúpalẹ̀ ṣe nìyẹn. Kí ó mú ọ̀rọ̀-orúkọ kọ̀ọ̀kan, ní ẹyọ àti ní ọ̀pọ̀, kí ó fi í sínú gbólóhùn kan náà pẹ̀lú òǹkà, ẹ̀yán àti ọ̀rọ̀-ìṣe, kí ó sì kó àwọn tó bá fa ìyípadà kan náà pọ̀ sójú kan. Lẹ́yìn èyí ni yóò tó wo àfòmọ́ tí wọ́n ní. Tí a bá dán Yorùbá Ìwó wò báyìí, “ọ̀bẹ kan já bọ́, ọ̀bẹ méjì já bọ́, ọmọ kan ṣubú, ọmọ méjì ṣubú, ilé kan wó, ilé méjì wó” ni a óò rí. Òǹkà kò yàtọ̀ láti orí ọ̀bẹ dé orí ọmọ, ọ̀rọ̀-ìṣe kò sì gba nǹkan kan látọ̀dọ̀ ọ̀rọ̀-orúkọ. Ìtumọ̀ pàápàá kò gba àbá náà là. Nínú Sùwàhílì, “ma-” ló bẹ̀rẹ̀ omi, òróró, wàrà àti itọ́: “maji, mafuta, maziwa, mate”. Tiwa ni “omi, òróró, wàrà, itọ́”: nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin yìí, méjì péré ni fáwẹ̀lì wọn bára mu, ọ̀kan kò tilẹ̀ ní fáwẹ̀lì níwájú.

Ẹnìkan lè ní Yorùbá náà ní ìbámu: a ń sọ pé “ilé ńlá” àti “àwọn ilé ńláńlá”, a sì ń bi “ta ni” fún ènìyàn, “kí ni” fún nǹkan. Àkíyèsí tó dára ni, ṣùgbọ́n kò dé ibi tí a ń lọ. “Ńláńlá” kan náà ló ń bá igi, ìlú àti ènìyàn lọ, nítorí náà iye ni ó ń fi hàn, kì í ṣe ọ̀wọ́. “Ta” àti “kí” ń tẹ̀lé ohun tí a ní lọ́kàn, ì báà jẹ́ “a-” tàbí “ọ-” ló bẹ̀rẹ̀ orúkọ rẹ̀. “Wọ́n” pàápàá ń ṣe ti ọ̀wọ̀ fún àgbàlagbà kan ṣoṣo: “Bàbá ti dé, wọ́n wà nínú ilé.” Ìbámu tí ọ̀wọ̀ lè yí padà báyìí kì í ṣe èyí tí ọ̀wọ́ ọ̀rọ̀ ń darí.

Àtakò tó le jù ni ti ìtàn: tí fáwẹ̀lì yìí kò bá ṣe nǹkan kan, níbo ló ti wá? Ibí ni ẹbí èdè ti ń ràn wá lọ́wọ́. Ní Ẹ̀dó, tí kò jìnnà sí wa rárá, “ọmọ” ni ọmọ kan, “emọ” ni ọ̀pọ̀ ọmọ. “Okpia” ni ọkùnrin, “ikpia” ni àwọn ọkùnrin. “Okhuo” ni obìnrin, “ikhuo” ni àwọn obìnrin. Ọ̀pọ̀ jù lọ nínú ọ̀rọ̀ Ẹ̀dó kì í yí báyìí mọ́. Àwọn díẹ̀, pàápàá orúkọ ènìyàn, ló kù, èyí sì jọ àjókù ètò tó ti gbòòrò rí. Ní agbègbè Àkókó, èdè Ukaan ṣì ní ọ̀wọ́ pẹ̀lú ìbámu títí di òní. Nítorí náà mo gbà pé ó ṣeé ṣe kí “ọ-” inú “ọmọ” tiwa ti jẹ́ àmì ọ̀wọ́ rí. Ohun tí n kò gbà ni pé kí a fi ohun tó ti kọjá ṣàlàyé gírámà tòní.

Kò sì yẹ kí ipò àmì náà tàn wá jẹ. Ìparí ọ̀rọ̀ ni Fúlàní ń fi tirẹ̀ sí: “debbo” ni obìnrin kan, “rewɓe” ni ọ̀pọ̀. Meinhof kó Fúlàní mọ́ àwọn èdè tí ó pè ní ti ọmọ Hámù. Greenberg ló yí i padà, nínú iṣẹ́ tó parí sí ìwé rẹ̀ ti 1963, ó sì fi í sí ẹ̀gbẹ́ Wọ́lọ́fù àti Sẹ̀rẹ̀ nínú Niger-Congo. Ọ̀wọ́ wà lára ohun tí ó fi wé wọn: “-ɓe” ọ̀pọ̀ ènìyàn ní Fúlàní ń ṣe iṣẹ́ kan náà pẹ̀lú “ba-” Báńtú, èyí tí Sùwàhílì ń pè ní “wa-”. Ìrísí, ìtumọ̀ àti ìbámu ló pàdé síbẹ̀. Ìrísí nìkan ìbá má tó, nítorí fáwẹ̀lì díẹ̀ ni èdè ní, wọn kò sì ní ṣàì jọra ní ibì kan.

A rí irú ìjọra tó ń ṣini lọ́nà bẹ́ẹ̀ nínú ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun fúnra rẹ̀. Ará Ìwó ń sọ pé “ilé, iṣẹ́, igi”. Ará Ìjẹ̀ṣà ń sọ pé “ulé, uṣẹ́, ugi”. Ẹni tó bá ń wá ọ̀wọ́ lè sọ pé Ìjẹ̀ṣà ní ọ̀wọ́ “u-” tí Ìwó ti sọ nù. Ṣùgbọ́n “ulé kan” kì í di nǹkan mìíràn tó bá di méjì, ẹ̀yán rẹ̀ kì í sì í yí. Ìyàtọ̀ fáwẹ̀lì láàárín ẹ̀ka-èdè ni. Kí a tó lè gbé “u-” yìí wá sínú ìtàn ọ̀wọ́, a ní láti kọ́kọ́ fi hàn pé àwọn ọ̀rọ̀ tó ní in nìkan ló ní àfòmọ́ kan náà nínú Ẹ̀dó tàbí Ukaan, ní ọ̀rọ̀ tí a ti mọ̀ dájú pé orísun kan náà ni wọ́n ti wá, tí àwọn tó ní “i-” ní Ìwó àti Ìjẹ̀ṣà bákan náà kò sì ní in.