Ẹ̀wà Rírẹ Sómi Nínú Ilé Ìdáná Lómé

Oúnjẹ àárọ̀ ni ẹ̀wà ní Lómé. Kí oòrùn tó gòkè, àwọn olóúnjẹ ti ń bu ẹ̀wà gbígbóná sínú abọ́ fún àwọn tó ń lọ síbi iṣẹ́, wọ́n á wá da gàrí àti epo lé e lórí. Àwọn mìíràn ń ta àyímolú, ìyẹn ìrẹsì àti ẹ̀wà tí a sè pọ̀ nínú ìkòkò kan náà, èyí tí àwọn ará Gánà ń pè ní wààkyé. Àwọn obìnrin tí wọ́n wá láti etíkun yìí ni wọ́n sọ ẹ̀wà Àgànyìn di ìlú-mọ̀-ọ́n-ká ní Èkó. Nínú gbogbo oúnjẹ wọ̀nyí, ẹ̀wà gbọ́dọ̀ rọ̀ dáadáa. Ẹni tó bá fẹ́ fi iná nìkan mú kí ó rọ̀ yóò jó eédú púpọ̀. Ẹni tó bá kọ́kọ́ rẹ ẹ̀wà sómi yóò dín àkókò sísè kù, yóò sì dín afẹ́fẹ́ tó máa ń kún inú lẹ́yìn oúnjẹ kù pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ohun tí omi ń ṣe. Omi kì í gba gbogbo ara ẹ̀wà gbígbẹ wọlé lẹ́ẹ̀kan náà. Ojú ẹ̀wà, níbi tí ó ti so mọ́ èèpo rẹ̀ lóko, ni omi sábà máa ń kọ́kọ́ gbà. Nítorí náà, bí ẹ bá wo inú abọ́ lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ẹ ó rí i pé awọ ẹ̀wà ti hunjọ, nígbà tí inú rẹ̀ ṣì le. Kò tíì tó nígbà náà. Bí ó bá pẹ́ díẹ̀ sí i, inú yóò wú, yóò sì kún awọ náà, ìhunjọ yóò sì parẹ́. Ẹ mú ẹyọ kan, kí ẹ fi èékánná là á sí méjì. Bí ẹ bá rí ibi funfun gbígbẹ ní àárín, ẹ fi í sílẹ̀ sí i. Bí àwọ̀ rẹ̀ bá rí bákan náà láti etí dé àárín, ó ti mumi yó. Ẹ̀wà tí ó mumi yó máa ń wúwo tó ìlọ́po méjì èyí tí a wọ̀n ní gbígbẹ, ìdí nìyí tí abọ́ fi gbọ́dọ̀ fẹ̀, tí omi sì gbọ́dọ̀ tó ìlọ́po mẹ́ta ẹ̀wà.

Ẹ̀wà tiwa yìí kì í pẹ́ mumi bí àwọn ẹ̀wà ńláńlá ti òkè òkun. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà tó o. Ooru Lómé kò sì gba ká sọ pé bí ó ṣe pẹ́ tó ni ó dára tó. Bí a bá rẹ ẹ̀wà láti ọ̀sán di ọjọ́ kejì nínú ilé tó móoru, omi náà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í hó pẹ̀lú ìfófòó, yóò sì máa rùn kíkan. Ẹ̀wà ti ń kan nìyẹn. Ẹni tó bá fẹ́ rẹ ẹ́ mọ́jú, kí ó gbé e kalẹ̀ nígbà tó bá fẹ́ sùn gan-an, tàbí kí ó pààrọ̀ omi rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹni tí kò ráyè rárá lè sè é kí ó hó fún ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta, kí ó gbé e sọ̀kalẹ̀, kí ó dé e fún wákàtí kan, lẹ́yìn náà kí ó da omi náà nù.

Dída omi yẹn nù ni ọ̀rọ̀ afẹ́fẹ́ inú rọ̀ mọ́. Àwọn oríṣi ṣúgà kan wà nínú ẹ̀wà tí inú ènìyàn kò ní èròjà tí yóò fi gé wọn. Ráfínósì àti sítákíósì ni wọ́n ń pe méjì nínú wọn. Ìfun kékeré yóò jẹ́ kí wọ́n kọjá bí wọ́n ṣe wà. Nígbà tí wọ́n bá dé ìfun ńlá, àwọn kòkòrò àìfojúrí tó ń gbé níbẹ̀ yóò jẹ wọ́n, ohun tí wọ́n bá sì jẹ ni ó ń di afẹ́fẹ́, tí ikùn fi ń wú. Àwọn ṣúgà wọ̀nyí máa ń yọ́ sínú omi, nítorí náà apá kan nínú wọn ti wà nínú omi tí a fi rẹ ẹ̀wà. Ẹni tó rẹ ẹ̀wà, tó sì fi omi náà sè é, ti jèrè àkókò, ṣùgbọ́n ó ti dá ṣúgà náà padà sínú ìkòkò.

Àyímolú ni ó fi èyí hàn jù lọ, nítorí pé omi ẹ̀wà gan-an ni ìrẹsì ń mu. Bí a bá fẹ́ sè é pẹ̀lú ìdajì kílò ẹ̀wà, kí a ṣa òkúta àti èyí tí kòkòrò ti jẹ kúrò, kí a fọ̀ ọ́, kí a sì rẹ ẹ́ fún wákàtí márùn-ún. A ó da omi yẹn nù, a ó ṣan ẹ̀wà, a ó fi omi tuntun bò ó, kí ó hó fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Omi yẹn náà, a ó dà á nù. Omi kẹta ni a ó fi sè é, òun ni a ó sì dá sí fún ìrẹsì. Bí ẹ̀wà bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ rọ̀, a ó da ìrẹsì tí a ti ṣan sí i, nítorí pé àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jinná pọ̀. Àwọ̀ rẹ̀ kò ní pọ́n tó ti ẹ̀wà tí a kò da omi rẹ̀ nù. Ìyẹn ni ohun tí a ó pàdánù. Ní ti àkókò, ẹ̀wà tí a kò rẹ sábà máa ń lò tó wákàtí kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ lórí eédú. Èyí tí a rẹ lè rọ̀ láàárín ìṣẹ́jú 30 sí 45.

Nígbà mìíràn, a ó rẹ ẹ̀wà, síbẹ̀ yóò kọ̀ láti rọ̀. Ẹ kọ́kọ́ bi ara yín bí ẹ̀wà náà bá ti pẹ́ nílé. Ẹ̀wà tó ti pẹ́ nínú ooru àti ọ̀rinrin máa ń yigbì, kò sì sí omi tó lè wo ìyẹn sàn pátápátá. Ẹ wo omi náà pẹ̀lú: bí ọṣẹ kò bá hó dáadáa nínú omi kànga yín, ẹ̀wà náà yóò pẹ́ lórí iná. Ẹ jẹ́ kí tòmátì dúró di ìgbà tí ẹ̀wà bá rọ̀, nítorí pé kíkan rẹ̀ máa ń jẹ́ kó le. Ní ti iyọ̀, ìwọ̀nba díẹ̀ nínú omi ìrẹ kò ní ìpalára. Ó tilẹ̀ ń jẹ́ kí awọ rọ̀. Káún yára jù gbogbo rẹ̀ lọ, àmọ́ ó ń ba fítámì B1 inú ẹ̀wà jẹ́, bí ó bá sì pọ̀, adùn ẹ̀wà yóò di ti ọṣẹ. Èmi kì í rí ìdí tí a ó fi lò ó fún ẹ̀wà tuntun tí a ti rẹ.

Omi tí a dà nù ń kó díẹ̀ lára àwọn èròjà aṣaralóore lọ pẹ̀lú, afẹ́fẹ́ inú kì í sì í tán pátápátá. Ẹni tí ẹ̀wà kì í yọ lẹ́nu lè fi omi kan sè é láìbẹ̀rù. Ẹ̀wà pupa ńlá tí ó rí bíi kíndìnrín ni kò sí àyè ìyẹn fún. Májèlé kan wà nínú rẹ̀ tó máa ń fa èébì àti inú rírun. Ẹ rẹ ẹ́ fún ó kéré tán wákàtí márùn-ún, ẹ da omi náà nù, kí ẹ sì jẹ́ kí ó hó gidigidi nínú omi tuntun fún ìṣẹ́jú 30, ẹ má ṣe sè é lórí iná wọ́ọ́rọ́wọ́ nìkan.