Àbùlẹ̀ tí ń fara pamọ́: ọwọ́, ìwé àti ilà nínú fọ́tò tí ẹ̀rọ tún ṣe

Àṣà tuntun kan ti gbòde láàárín wa. Bí fọ́tò bàbá àgbà bá ya, tàbí tí kòkòrò bá ti jẹ ẹ́, àwọn ọ̀dọ́ a gbé e sínú kọ̀ǹpútà, wọn a fi àmì bo ibi tó bàjẹ́, ẹ̀rọ a sì dí ibẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀. Fọ́tò náà a padà wá ní pípé, a ó sì gbé e kọ́ sára ògiri. Ohun tí mo fẹ́ sọ nípa irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ kò ju ọ̀kan lọ: ohun tí ẹ̀rọ fi dí ihò kì í ṣe ohun tó sọnù níbẹ̀, ohun tó sábà máa ń wà ní irú ibẹ̀ ni. Níbi ọwọ́ àti níbi ìwé kíkọ ni àṣírí yìí ti máa ń tú. Ṣùgbọ́n ibi tí àṣírí kò ti tú ló yẹ kó kọ wá lóminú jù.

Àwọn tí ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe ní Yúróòpù ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí kí kọ̀ǹpútà tó dé. Ní Róòmù, ní ilé-iṣẹ́ àtúnṣe iṣẹ́-ọnà tí ìjọba Ítálì dá sílẹ̀ ní 1939, Cesare Brandi, olùdarí àkọ́kọ́ ibẹ̀, kọ́ àwọn ènìyàn rẹ̀ pé ẹni tó bá dí ihò ara àwòrán gbọ́dọ̀ jẹ́ kí a lè mọ ibi tí ọwọ́ òun dé. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi ìlà tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ olóòró dí ojú ihò, ọ̀kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ èkejì, pẹ̀lú ọ̀dà olómi. Bí a bá dúró lókèèrè, àwòrán pé. Bí a bá súnmọ́ ọn, a rí àwọn ìlà náà, a sì mọ̀ pé àbùlẹ̀ ni. Òṣùwọ̀n yìí ni mo fẹ́ fi wọn iṣẹ́ ẹ̀rọ.

Ní ọdún 2000, Marcelo Bertalmío àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀nà kan jáde tí kọ̀ǹpútà lè gbà ṣe bí àwọn atúnṣe wọ̀nyí. Ẹ̀rọ a wo gbogbo ìlà tó dé etí ihò, a sì fà wọ́n wọ inú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀ títí wọn yóò fi pàdé. Bí ihò náà bá jẹ́ ojú ìfàya tẹ́ẹ́rẹ́, iṣẹ́ náà a dára. Bí ó bá gbòòrò, àárín rẹ̀ a ṣe bàìbàì. Bàìbàì yẹn kò lẹ́wà, ṣùgbọ́n kò purọ́: ẹni tó bá wò ó mọ̀ pé nǹkan kan sọnù.

Àwọn ẹ̀rọ ìsinsìnyí kì í fi ohunkóhun sílẹ̀ ní bàìbàì. Ẹ jẹ́ kí a mú Stable Diffusion, tó jáde ní 2022, gẹ́gẹ́ bí àpẹẹrẹ. Wọ́n ti fi àìmọye àwòrán kọ́ ọ ní iṣẹ́ kan ṣoṣo: wọn a da nǹkan bí eruku aláwọ̀ sórí àwòrán, ẹ̀rọ a sì gbìyànjú láti sọ èyí tó jẹ́ eruku nínú ohun tó ń wò, kí a lè yọ ọ́ kúrò. Nígbà tí a bá bo apá kan fọ́tò wa, ohun mẹ́ta ni a fi lé ẹ̀rọ lọ́wọ́: fọ́tò tó ṣẹ́kù, àmì tó fi ibi tí a bò hàn, àti eruku lásán tí yóò di àwòrán. Ẹ̀rọ a yọ eruku náà díẹ̀díẹ̀, bóyá ní ìgbà 20 tàbí 50, ó sì ń wo etí ihò ní gbogbo ìgbà kí ohun tí ń jáde lè bá àyíká rẹ̀ mu. Ní ìgbà àkọ́kọ́kọ́, ìrísí gbogboogbò ni ó ń yàn: ara níhìn-ín, aṣọ lọ́hùn-ún. Ní ìgbà ìkẹyìn, ó ń ṣe wínníwínní: ojú okùn, èékánná, òjìji. Kò sí ibì kankan nínú iṣẹ́ yìí tó ti bèèrè ohun tó wà níbẹ̀ tẹ́lẹ̀. Kò lè bèèrè, nítorí ohun náà kò sí nínú fọ́tò mọ́.

Wàyí o, ẹ jẹ́ kí a gbé irú fọ́tò tí gbogbo wa mọ̀ síwájú rẹ̀. Stephen Sprague, tó kọ̀wé lórí fọ́tò láàárín àwọn Yorùbá ní 1978, ṣàlàyé bí àgbà ṣe máa ń jókòó: ó kọjú sí ẹ̀rọ gan-an, ó ya ẹsẹ̀ kí aṣọ lè tẹ́ rẹrẹ, ó sì gbé ọwọ́ lé orúnkún tàbí itan. Ọwọ́ náà kì í ṣe ohun kékeré níbẹ̀. Òun ló gbé iyì ìjókòó náà ró. Ká ní kòkòrò ti jẹ ọwọ́ ọ̀tún. Àwòrán tí ẹ̀rọ yìí ń lò jẹ́ ẹyọ àmì 512 ní ìbú àti 512 ní òòró. Bí àgbà náà bá gba nǹkan bí 400 nínú òòró yẹn, ìka rẹ̀ kan kò ní fẹ̀ ju àmì mẹ́fà lọ. Bẹ́ẹ̀, kí ẹ̀rọ tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó ti ká àwòrán náà kù: gbogbo igun tó jẹ́ àmì mẹ́jọ ní ìbú àti mẹ́jọ ní òòró, tó ní nọ́ńbà 192 nínú, di nọ́ńbà mẹ́rin péré. Ìka kan kò kún igun kan. Ẹ̀rọ kò rí ìka márùn-ún gẹ́gẹ́ bí márùn-ún. Ara tó ní ojú-ìlà òjìji nínú ni ó rí.

Ohun kejì ni pé ẹ̀rọ kò ka ìka. Nínú àwọn àwòrán tí a fi kọ́ ọ, ọwọ́ kan di ife mú, òmíràn wà lábẹ́ ẹ̀wù, òmíràn fi ìka méjì nìkan hàn. Ohun tó dájú jù tó rí kọ́ ni pé ìka máa ń wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìka. Nítorí náà, nígbà tó bá ti yan ìṣù ara fún ọwọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, tí ó wá ń pín in sí ìka ní ìparí, ìka kọ̀ọ̀kan bá èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ mu dáadáa, àpapọ̀ wọn sì lè jẹ́ mẹ́rin tàbí mẹ́fà. Bí wọ́n sì ṣe ń wọn àṣìṣe rẹ̀ nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ kò ràn án lọ́wọ́: àṣìṣe gbogbo ojú àwòrán ni wọ́n ń pò pọ̀, ìka kan tó lé kò sì tó nǹkan nínú rẹ̀. Lójú tiwa, nǹkan ńlá ni. Ọmọ tí a bí pẹ̀lú ìka mẹ́fà ní orúkọ tirẹ̀, Olúgbódi, nítorí pé a ti kà á.

Ìwé kíkọ ṣòro jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ká ní wọ́n fi kálámù kọ orúkọ àti ọdún sí ìsàlẹ̀ fọ́tò náà, tí lẹ́tà kọ̀ọ̀kan ga ní àmì mẹ́wàá. Igun kan àti díẹ̀ ni lẹ́tà náà gbà. Ààmì abẹ́ ẹ tàbí ọ kò ju àmì kan tàbí méjì lọ. Ohun tí yóò jáde ni fínfín tó jọ ìwé láti òkèèrè, tí kò sì ṣeé kà. Bí a bá sì fi ọ̀rọ̀ sọ fún ẹ̀rọ náà pé kí ó kọ orúkọ kan, ẹ̀ka tó ń gba ìtọ́ni kì í rí lẹ́tà. Ó ti gé ọ̀rọ̀ sí wẹ́wẹ́, ó sì ti sọ ègé kọ̀ọ̀kan di nọ́ńbà. Àkójọ tí a fi kọ́ ọ, apá elédè Gẹ̀ẹ́sì nínú LAION-5B ni púpọ̀ jù nínú rẹ̀. Lẹ́tà tó ní ààmì lókè àti nísàlẹ̀ jẹ́ àlejò sí i. Àwa sì mọ̀ pé bí ààmì bá kúrò, ọkọ̀ lè di ọkọ́, orúkọ ènìyàn sì lè di ti ẹlòmíràn.

Ẹnìkan lè sọ pé àwọn àléébù wọ̀nyí ń dínkù. Òótọ́ ni. Àwọn tó mọ iṣẹ́ náà máa ń gé agbègbè ọwọ́ nìkan jáde, wọn a fẹ̀ ẹ́ títí yóò fi gba gbogbo 512, wọn a ṣe é, wọn a sì dá a padà sí àyè rẹ̀. Ìka kan á wá ní igun púpọ̀ fún ara rẹ̀. Stable Diffusion 3, tó jáde ní 2024, fi nọ́ńbà 16 sí ibi tí ti àtijọ́ fi mẹ́rin sí, lẹ́tà rẹ̀ sì já gaara ju ti ìṣáájú lọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí èyí túmọ̀ sí. Bí ọdún tó wà lára fọ́tò bá jẹ́ 1958, tí kòkòrò sì jẹ 5, ẹ̀rọ àtijọ́ á ya ohun tí kò ní ìtumọ̀, a ó sì mọ̀ pé ibẹ̀ bàjẹ́. Ẹ̀rọ tuntun lè ya 6 tó dán, tó bá yókù mu, a ó sì gbà pé 1968 ni. Ọgbọ́n yíyà rẹ̀ pọ̀ sí i; ìmọ̀ rẹ̀ nípa ohun tó sọnù kò pọ̀ sí i rárá.

Ibí yìí ni mo ti ń bọ̀. Ọwọ́ àti ìwé nìkan kọ́ ni ẹ̀rọ ń hùmọ̀. Àwọn nìkan ni ojú wa mọ òfin wọn débi tí a fi ń mú un. Ìka gbọ́dọ̀ pé márùn-ún, lẹ́tà gbọ́dọ̀ ṣeé kà. Níbi aṣọ, ògiri àti ẹ̀rẹ̀kẹ́, irọ́ kan náà ń kọjá láìsí ẹni tó béèrè. Ẹ jẹ́ kí a ronú nípa ilà ojú. Pélé jẹ́ ìlà mẹ́ta olóòró. Àbàjà ń dùbúlẹ̀, ó sì ní iye tirẹ̀. Kì í ṣe lásán ni èdè wa fi ń sọ pé a kọ ilà bí a ti ń sọ pé a kọ ìwé. Bí ihò bá bọ́ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́ àgbà, ẹ̀rọ á fi awọ dídán dí i, nítorí awọ dídán ni ó rí jù nínú ẹ̀kọ́ rẹ̀. Tàbí kí ó ya méjì níbi tí mẹ́ta wà. Ọmọ-ọmọ tí kò mọ bàbá àgbà lójú ayé kò ní rí àléébù kankan. Ó ti pàdánù ohun tí ìran rẹ̀ fi ń dá a mọ̀, inú rẹ̀ sì ń dùn pé fọ́tò pé.

Ọ̀nà kan wà tí a fi lè mọ ibi tí ẹ̀rọ ti ń hùmọ̀. Iṣẹ́ rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ láti ara eruku, nọ́ńbà kan ni ó sì ń pinnu irú eruku tó jẹ́. Kí a yí nọ́ńbà náà padà, kí a ṣe iṣẹ́ kan náà ní ìgbà mẹ́rin tàbí márùn-ún, kí a tò wọ́n sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ọwọ́ bá yàtọ̀ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí ilà wà níhìn-ín tí kò sí lọ́hùn-ún, a ti mọ̀ pé fọ́tò kò sọ nǹkan kan nípa ibẹ̀. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tilẹ̀ jọra, ìyẹn kì í ṣe ẹ̀rí pé òótọ́ ni; ó lè jẹ́ àṣà ẹ̀rọ lásán. Kí a tún fi fọ́tò tuntun wé ti àtijọ́ níbi tí a kò bò: kíká tí ẹ̀rọ ká àwòrán kù lè yí ibẹ̀ náà padà díẹ̀, àyàfi bí a bá dá ojú ti àtijọ́ padà sí àyè rẹ̀.

Ní ti òṣùwọ̀n Róòmù, iṣẹ́ ẹ̀rọ kùnà, kì í ṣe nítorí pé ó ń ya ọwọ́ burúkú, bí kò ṣe nítorí pé ó ń fi àbùlẹ̀ rẹ̀ pamọ́. Àtúnṣe rẹ̀ rọrùn. Àmì tí a fi bo ibi tó bàjẹ́ ṣì wà nínú kọ̀ǹpútà. Kí a tẹ̀ ẹ́ jáde gẹ́gẹ́ bí ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ yí àbùlẹ̀ ká, kí a sì fi fọ́tò tó ya sínú àpótí, láìsọ ọ́ nù. Bí ọwọ́ àgbà bá sọnù lára fọ́tò, kí a mọ̀ pé ó sọnù.