Ọ̀rọ̀ Ọ̀rẹ́ Ìyàwó Lábẹ́ Fọ́tò

Bí wọ́n bá ṣe ìgbéyàwó lọ́jọ́ Sátidé ní Ọ̀yọ́ tàbí Ògbómọ̀ṣọ́, ilẹ̀ kì í sábà ṣú lọ́jọ́ kejì kí fọ́tò àwọn ọ̀rẹ́ ìyàwó tó jáde lórí Instagram àti WhatsApp. Wọ́n á rọ̀gbà yí ìyàwó ká, aṣọ kan náà lára gbogbo wọn, gèlè wọn á ga bákan náà. Lábẹ́ fọ́tò yìí ni ọ̀kan nínú wọn á kọ ọ̀rọ̀ díẹ̀ sí: ìlà kan, ìlà méjì, bó bá pọ̀ tán, mẹ́rin. Ọ̀pọ̀ èèyàn á kà á kọjá bí ẹni ń kí ara wọn lójú ọ̀nà. Bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ọnà ni. Ó ní ìṣọwọ́kọ tirẹ̀, ó ní ìlà ìdílé, ó sì ní ohun tó ń mú un ta lẹ́nu àti ohun tó ń sọ ọ́ di ọ̀rọ̀ ṣákálá.

Ìlà ìdílé yẹn ló yẹ ká kọ́kọ́ tọ̀. Ilẹ̀ Ọ̀yọ́ ti ń fi ohùn sin ìyàwó relé ọkọ tipẹ́tipẹ́. Ẹkún ìyàwó, tí àwọn mìíràn ń pè ní rárà ìyàwó, ni ewì tí ọmọbìnrin máa ń sun nígbà tó bá fẹ́ kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ẹnu àwọn obìnrin tó ṣáájú rẹ̀ ló ti máa ń kọ́ ọ. Bí ọjọ́ bá pé, á máa lọ láti ọ̀dọ̀ òbí dé ọ̀dọ̀ ẹbí, á ki oríkì orílẹ̀ wọn, á tọrọ ìwúre, á sì máa ráhùn pé òun ń fi ilé tí òun mọ̀ sílẹ̀ lọ síbi tí òun kò mọ̀. Òun nìkan kọ́ ló ń rìn. Àwọn ọmọbìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀ á tẹ̀ lé e, wọ́n á sì máa gbè é. Karin Barber, tó gbé ní Òkukù fún ìwádìí láàárín ọdún 1970 sí 1980, fún rárà ìyàwó ìlú náà ní àyè tó pọ̀ nínú ìwé tó kọ lórí oríkì, tó jáde ní 1991. Ohun tó hàn kedere níbẹ̀ ni pé ìyàwó gan-an ló ni ojú agbo lọ́jọ́ yẹn, òun ló sì ni ọ̀rọ̀.

Ohun tó yí padà nìyẹn. Nínú ẹkún ìyàwó, ìyàwó ló ń dá, ọ̀rẹ́ ló ń gbè. Lábẹ́ fọ́tò, ọ̀rẹ́ ló ń dá, ìyàwó ló sì máa dáhùn tó bá yá. Àṣà ti fún ọmọ tó ń lọ ní àyè láti sunkún, ó ti fún un ní ọ̀rọ̀ tó máa fi sun ún, kò sì sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló ń pa á lẹ́kún. Ọ̀rẹ́ tó ṣẹ́kù sẹ́yìn kò rí irú àyè bẹ́ẹ̀ gbà. Ó ní láti fúnra rẹ̀ wá ohùn, kó sì wá a láàárín ìlà mélòó kan, lójú gbogbo ayé. Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an nìyí.

Fọ́tò fúnra rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́. Ní 1978, Stephen Sprague kọ àròkọ kan tó lókìkí lórí bí Yorùbá ṣe ń ya fọ́tò, Ìlá Ọ̀ràngún ló sì ti ṣe púpọ̀ nínú ìwádìí náà. Ó kíyè sí fọ́tò ẹgbẹ́, níbi tí àwọn èèyàn ti wọ ẹgbẹ́jọdá láti fi hàn pé ọ̀kan ni wọ́n. Ohun tí fọ́tò ọ̀rẹ́ ìyàwó ń ṣe títí dòní nìyẹn. Ó ń sọ pé a pọ̀, a sì rẹ́. Ṣùgbọ́n bí aṣọ bá ti sọ gbogbo wọn di ọ̀kan, ẹni tó ń wo fọ́tò náà kò lè mọ èyí tó jẹ́ ọmọ àbúrò ìyá ìyàwó, èyí tó bá a ka ìwé mẹ́fà, àti èyí tí wọ́n jọ pàdé níbi iṣẹ́ lọ́dún tó kọjá. Ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ló máa tú ohun tí aṣọ dì pọ̀. Òun ló máa yọ ẹnì kan sọ́tọ̀ nínú èrò, táá sì sọ ohun tó wà láàárín òun àti ìyàwó. Bí ọ̀rọ̀ náà bá tún ń sọ pé a pọ̀, a rẹ́, a rẹwà, ohun tí aṣọ ti sọ tán ló ń tún sọ.

Ọ̀nà tó yá jù láti yọ ìyàwó sọ́tọ̀ ni oríkì àbísọ rẹ̀. Rẹ́fúrẹ́ǹdì Samuel Johnson, tó ṣe pásítọ̀ ní Ọ̀yọ́, tó parí ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ ní 1897 kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1921, ṣàlàyé pé oríkì ọkùnrin máa ń jẹ mọ́ agbára àti akin, ti obìnrin sì máa ń jẹ mọ́ ìkẹ́ tàbí ìyìn. Àṣàkẹ́, Àbẹ̀kẹ́, Àjọkẹ́, Àníkẹ́: ìkẹ́ ló wà ní ìdí gbogbo wọn. Ìyá àgbà ló sábà máa ń pe èèyàn bẹ́ẹ̀ nígbà tó bá ń rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún tàbí tó bá ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Nítorí náà, bí ọ̀rẹ́ bá kọ “Àṣàkẹ́ mi” síbẹ̀, ó ti dúró sí ipò tí ẹbí máa ń dúró sí, ọ̀rọ̀ méjì péré ló sì fi ṣe é. Orúkọ ìwé ìrìnnà kò lè ṣe iṣẹ́ yìí, bẹ́ẹ̀ ni àmì # tí wọ́n fi so orúkọ ọkọ àti ìyàwó pọ̀ kò lè ṣe é.

Àmọ́ pípe oríkì ní ìlànà tirẹ̀. Bí ìyàwó bá fi ọdún díẹ̀ ju ẹni tó ń kọ ọ́ lọ, ọmọ Ọ̀yọ́ tí wọ́n kọ́ nílé kò ní pe oríkì rẹ̀ lásán. Á kọ “Àǹtí mi Àṣàkẹ́”, á sì lo “ẹ” títí ọ̀rọ̀ náà á fi parí. Ìfẹ́ kò dín kù níbẹ̀ rárá. Ẹni tó bá fi “o” bá ẹ̀gbọ́n sọ̀rọ̀ níbi tí ìyá ìyàwó ti ń kà á á rí i pé àríyá ọjọ́ kejì ti di ẹjọ́.

Ẹ jẹ́ ká wá mú àpẹẹrẹ kan, èyí tí a gbé kalẹ̀ fún àlàyé nìkan. Ká sọ pé Yunifásítì Ládòkè Akíntọ́lá ní Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1990, ni àwọn ọ̀rẹ́ méjì ti pàdé, tí wọ́n jọ gbé yàrá kan ní Ọ́ńdà-Jí, àdúgbò tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí. Ọ̀kan ń ṣègbéyàwó, èkejì ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fọ́tò. Ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn nìyí: “Ìyàwó wa ọ̀ṣìngín! Inú mi dùn gan-an lónìí. Mo fẹ́ràn rẹ púpọ̀. Ọlọ́run máa tì yín lẹ́yìn. Èmi ló kàn o!”

Kò sí irọ́ nínú rẹ̀. Àbùkù rẹ̀ ni pé a lè gé e kúrò lábẹ́ fọ́tò yìí, ká lẹ̀ ẹ́ mọ́ ti ìyàwó mìíràn ní Ọ̀yọ́ tàbí ní Ìbàdàn, kí ẹnikẹ́ni má sì mọ̀. Ìdánwò tó dájú nìyẹn fún irú ọ̀rọ̀ yìí. “Mo fẹ́ràn rẹ púpọ̀” ń ròyìn ìfẹ́, kò fi í hàn. “Èmi ló kàn” sì yí ojú agbo kúrò lára ìyàwó padà sára ẹni tó ń sọ̀rọ̀. Àdúrà ni lóòótọ́, àwọn òǹkàwé á sì ṣe àmín, ṣùgbọ́n ẹnu tó yẹ kó ti jáde ni ti àwọn tó ń kí ọ̀rẹ́ ìyàwó.

Ẹ wá gbọ́ ọ báyìí: “Àṣàkẹ́ mi, ebi pa mí ní Ọ́ńdà-Jí, o bu gààrí tó kù fún mi, o ní o ti yó. Mo mọ̀ pé o ò tíì jẹun. Ta ni màá wá bá jókòó báyìí? Ilé ọkọ á tù ọ́ lára.”

Gbólóhùn mẹ́rin péré ni. Èkíní gbé ohun kan tó ṣeé fojú rí sílẹ̀, gààrí tó kù, ó sì fi orúkọ ibì kan tì í. Ọgbọ́n ńlá sì wà nínú bó ṣe pín ebi. Àwọn àna ìyàwó á ka ọ̀rọ̀ yìí. Ìyá ọkọ á rí i, àbúrò ọkọ á rí i. Bí ó bá kọ pé “a jìyà”, ó ti tú àṣírí ìyàwó níwájú ilé tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ̀. Ebi wá di ti ẹni tó ń kọ ọ́, ọwọ́ títẹ́ sì di ti ìyàwó. Àna tó bá kà á á mọ irú ọmọ tí òun gbà sílé.

Gbólóhùn kejì ló dára jù lọ. Ó fi hàn pé ọ̀rẹ́ yìí ti mọ̀ láti ọjọ́ náà pé wọ́n fi ebi pamọ́ nítorí òun, ó sì dákẹ́ títí di òní. Ẹ̀bùn ìgbéyàwó ni ọ̀rọ̀ yẹn jẹ́. Ẹ̀kẹta ni ẹkún, tó ti kúrò lẹ́nu ìyàwó bọ́ sẹ́nu ọ̀rẹ́. Púpọ̀ nínú ọ̀rọ̀ abẹ́ fọ́tò ló ń sá fún un, bíi pé ayẹyẹ kò gba omijé. Ẹni tó bá mọ ẹkún ìyàwó á mọ̀ pé ìrora àti ayọ̀ ti ń jọ gbé nínú ìgbéyàwó ilẹ̀ yìí láti ọjọ́ pípẹ́, àti pé ọ̀rọ̀ tí kò ní àdánù kankan nínú kò lè sọ bí ìyàwó ṣe ṣe iyebíye tó.

Àdúrà ló kádìí rẹ̀, àdúrà tí gbogbo èèyàn mọ̀ sì ni. Àwọn alárìíwísí kan lè pè é ní ọ̀rọ̀ àtijọ́ tó ti rẹ̀. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìwúre kò nílò àrà tuntun. Bó ṣe jẹ́ pé gbogbo ẹnu mọ̀ ọ́n ni gbogbo ẹnu ṣe lè ṣe àmín sí i. “Kó yẹ yín kalẹ́” tàbí “ẹ̀yìn ìyàwó kò ní mẹ́ní” ṣì lágbára, bí ọ̀rọ̀ tó jẹ́ ti ìyàwó yìí nìkan bá ti ṣáájú rẹ̀. Àdúrà tó dá dúró láìsí nǹkan kan níwájú rẹ̀ ló ń dà bí káàdì tí wọ́n rà lọ́jà.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ń gbé tún ń yí i padà. Instagram gba lẹ́tà 2,200 lábẹ́ fọ́tò kan, àmọ́ ìlà àkọ́kọ́ ló máa ń hàn kí èèyàn tó tẹ ibi tí yóò ti rí ìyókù. Nítorí náà, ẹni tó bá fi orúkọ aránṣọ, aṣojúlóge àti ayafọ́tò ṣáájú ti fi ìyàwó sẹ́yìn. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni ọpẹ́ wọn yẹ kó wà. Sítátọ́ọ̀sì WhatsApp máa ń parẹ́ lẹ́yìn wákàtí 24, àwọn tó ní nọ́ńbà èèyàn nìkan ló sì ń rí i. Ohùn ibẹ̀ lè sún mọ́ni jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìtàn tí kò ṣeé sọ níwájú gbogbo àna lè rí àyè níbẹ̀, bí ẹni tó ń kọ ọ́ bá ti yẹ orúkọ àwọn tó máa rí i wò dáadáa.

Ìyàtọ̀ kan sì wà láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ tó yẹ kí òǹkàwé fi sọ́kàn. Ọ̀rẹ́ tí èèyàn bá ní ní yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́ sábà máa ń ti ìlú mìíràn wá, ọdún díẹ̀ péré ni wọ́n fi jọ wà, ìrántí wọn sì máa ń wà ní yàrá kan, níbi ìdánwò kan. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ dàgbà nínú agbo ilé kan ní Ọ̀yọ́, tí wọ́n jọ ń bá ìyá gbé igbá lọ sí ọjà Akẹ̀sán, ní ìrántí tó gùn ju ìlà mẹ́rin lọ. Ìṣòro tirẹ̀ ni yíyàn. Kó mú ọjọ́ kan, kó fi ìyókù sílẹ̀.

Ohun tó kù wà lọ́wọ́ ìyàwó. Bó bá rí ọ̀rọ̀ gààrí yìí lọ́jọ́ kẹta, nígbà tí àlejò bá ti lọ tán, tó sì dáhùn pé, “Àjọkẹ́, mo rò pé o ò mọ̀,” ọ̀rọ̀ náà ti di lílé àti gbígbè, ó sì ti kúrò ní ti ẹnì kan. Àwọn ọ̀rẹ́ yòókù inú fọ́tò á bẹ̀rẹ̀ sí í gbé ìtàn tiwọn wá sábẹ́ rẹ̀, pẹ̀lú oríkì mìíràn àti ọjọ́ mìíràn ní Ọ́ńdà-Jí.