Ọya ní Ìrá: Igun Kẹta nínú Tíọ́rì Onígun-Mẹ́ta ti Ìfẹ́

Ní 1986 ni Robert Sternberg, onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà, gbé tíọ́rì kan kalẹ̀ tí ó fi ìfẹ́ wé àwòrán onígun-mẹ́ta. Igun kìn-ín-ní ni ìsúnmọ́ra, èyí tí ó mú kí ènìyàn méjì lè finú han ara wọn. Èkejì ni òòfà, tí í mú ọkàn àti ara gbóná. Ẹ̀kẹta ni ìpinnu: kí ènìyàn gbà lónìí pé òun fẹ́ ẹnìkan, kí ó sì dúró ti ọ̀rọ̀ náà di ọjọ́ alẹ́. Bí àwọn igun wọ̀nyí bá ṣe pàdé ni irú ìfẹ́ ṣe ń yàtọ̀. Ìsúnmọ́ra àti òòfà láìsí ìpinnu ni ìfẹ́ àwọn olólùfẹ́ tí kò tí ì mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wọn yóò já sí; ìsúnmọ́ra àti ìpinnu láìsí òòfà ni ìfẹ́ alábàárò, irú èyí tí a ń rí láàrin tọkọtaya tí ó ti dàgbà; ìpinnu nìkan, òun ni Sternberg pè ní ìfẹ́ òfìfo. Níbi tí mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bá pé sí ni ìfẹ́ pípé wà.

Igun kẹta yìí ni ó yẹ ní yíyẹ̀ wò, nítorí pé níbẹ̀ ni ìtàn Ọ̀yọ́ ti mú tíọ́rì náà lọ́rùn.

Nínú ìwé ìtàn Yorùbá tí Samuel Johnson kọ, tí a tẹ̀ ní 1921, Ọya nìkan nínú àwọn aya Ṣàngó ni ó láyà láti bá a sá lọ nígbà tí ó dorí kọ ilẹ̀ Tápà. Nígbà tí wọ́n dé Ìrá, ìlú tí a bí i sí, àyà rẹ̀ já. Bí ó bá kọjá ibẹ̀, kò ní fojú kan Ìrá mọ́, ibi tí wọ́n sì ń lọ kò dájú. Ó dúró síbẹ̀. Nígbà tí ó gbọ́ pé ọkọ rẹ̀ ti kú, òun náà pa ara rẹ̀.

Bí a bá fi òṣùwọ̀n Sternberg wọn ìtàn yìí bí ó ti wà, ìdájọ́ rẹ̀ yá: ìpinnu Ọya tán ní Ìrá, ìfẹ́ rẹ̀ sì bọ́ láti orí ìfẹ́ pípé sí ti olólùfẹ́ lásán. Ṣùgbọ́n ta ni yóò gba ìdájọ́ yìí lẹ́yìn tí ó bá ti gbọ́ ìparí ìtàn? Obìnrin tí kò lè bá ọkọ kọjá Ìrá ni ó bá a lọ sí ibi tí ó jìnnà ju ilẹ̀ Tápà lọ. Lóòótọ́, Sternberg ya gbígbà pé a fẹ́ ẹnìkan sọ́tọ̀ kúrò lára dídúró tì í, ó sì mọ̀ pé ọ̀kan lè wà láìsí èkejì. Ìyàsọ́tọ̀ yìí ràn wá lọ́wọ́ díẹ̀. Síbẹ̀ kò sọ ohun tí ó fa Ọya sẹ́yìn, nítorí kì í ṣe àárẹ̀ ìfẹ́. Ìpinnu mìíràn ni, tí ó ti wà ṣáájú Ṣàngó: èyí tí ó so ọmọ mọ́ ilé baba rẹ̀.

Ẹkún ìyàwó tí a ń sun ní Ọ̀yọ́, ní Ògbómọ̀ṣọ́ àti ní agbègbè wọn jẹ́rìí sí èyí. Ní ọjọ́ tí ìyàwó ń lọ ilé ọkọ, àwọn òbí rẹ̀ ni ó ń kí, àwọn ni ó ń tọrọ ìre lọ́wọ́ wọn, ẹ̀rù ilé tí kò tí ì mọ̀ sì ń bà á. A kì í sábà gbọ́ ìfẹ́ ọkọ nínú rẹ̀. Sternberg gbà pé níbi tí ẹbí bá ti ń yan ọkọ fún ọmọ, ìfẹ́ òfìfo lè jẹ́ ìbẹ̀rẹ̀, kì í ṣe òpin. Èyí dára púpọ̀ ju ohun tí àwọn kan ń kà sí i lọ́rùn. Ṣùgbọ́n kí ni ó ṣófo níbẹ̀? Ojú ẹni méjì nìkan ni ó fi wò ó. Ọmọ tí alárinà ti ṣe agbódegbà rẹ̀, tí ẹbí méjì ti jọ́hẹn, tí a ti ṣe ìdána rẹ̀, ìpinnu tí ó gbé lọ sí ilé ọkọ ti kún kí òun àti ọkọ tó finú han ara wọn. Kì í kàn ṣe òun nìkan ni ó ni ín.

Ohun kan náà hàn nínú ìwé ìbéèrè tí a fi ń wọn ìfẹ́ yìí. Gbólóhùn 45 ni ó wà nínú rẹ̀, 15 fún igun kọ̀ọ̀kan, ẹni tí ó ń dáhùn a sì máa fi nọ́ńbà láti 1 dé 9 sọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti bá a mu tó. Orúkọ ẹnìkan ṣoṣo ni yóò máa fi dí àlàfo inú gbólóhùn wọ̀nyí. Bí a bá fún Ọya ní ìwé náà ní Ìrá, orúkọ Ṣàngó ni yóò kọ síbẹ̀, nọ́ńbà rẹ̀ sì lè ga ní igun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bẹ́ẹ̀ ni kò ní bá a lọ. Ẹni tí ó bá fẹ́ lo tíọ́rì yìí fún ìtàn wa ní láti kọ́kọ́ béèrè iye ènìyàn tí ìpinnu náà wà lọ́wọ́ wọn, kí ó tó ka iye rẹ̀.