Ìfiwéra Ọ́ọ̀dì àti Ìtumọ̀ Rẹ̀: Àgbéyẹ̀wò Iṣẹ́ Schulman àti Àwọn Ẹlẹgbẹ́ Rẹ̀ (1999)

Ní ọdún 1999, Schulman àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé iṣẹ́ ìwádìí kan jáde nínú New England Journal of Medicine. Àwọn dókítà 720 ní Amẹ́ríkà wo fídíò àwọn òṣèré tí wọ́n ṣe bí ẹni tí àyà ń dùn, olúkúlùkù sì sọ bóyá òun yóò rán aláìsàn náà lọ fún àyẹ̀wò ọkàn tí a ń ti rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ bọ inú iṣan ṣe. Rigiréṣọ̀n lọ́jísíìkì tí wọ́n lò fi ìfiwéra ọ́ọ̀dì 0.6 hàn fún obìnrin sí ọkùnrin, àti 0.6 fún aláwọ̀ dúdú sí aláwọ̀ funfun. Àwọn oníròyìn túmọ̀ rẹ̀ pé àǹfààní àwọn wọ̀nyí fi ìdá 40 nínú ọgọ́rùn-ún dín kù.

Ìtumọ̀ yìí kò tọ́. Ọ́ọ̀dì ni iye àwọn tí a rán lọ tí a fi iye àwọn tí a kò rán lọ pín. Nínú ọgọ́rùn-ún aláwọ̀ funfun, 90.6 ni a rán lọ. Ọ́ọ̀dì wọn jẹ́ 90.6 ÷ 9.4, èyí tí í ṣe 9.6. Ti aláwọ̀ dúdú jẹ́ 84.7 ÷ 15.3, tí í ṣe 5.5. Bí a bá fi 9.6 pín 5.5, 0.6 ni yóò jáde. Ṣùgbọ́n bí a bá fi 90.6 pín 84.7, 0.93 ni: ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún ló dín kù, kì í ṣe 40. Ìgbà tí ohun tí à ń kà bá ṣọ̀wọ́n nìkan ni nọ́ńbà méjèèjì máa ń súnmọ́ra.

Àléébù kejì wà nínú bí móḍẹ́lì náà ṣe bá dátà mu. 0.6 méjèèjì gbà pé ipa àwọ̀ kan náà ni lára ọkùnrin àti obìnrin. Bí a bá fi ìdá àwọn tí a rán lọ nìkan ṣe ìṣirò lórí ìgbàgbọ́ yìí, yóò fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ 93 fún ọkùnrin funfun, 88 fún obìnrin funfun àti fún ọkùnrin dúdú, àti 81 fún obìnrin dúdú. Ohun tí wọ́n rí gan-an ni 90.6 fún àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ láìsí ìyàtọ̀, àti 78.8 fún obìnrin dúdú. Gbogbo ìyàtọ̀ náà wà lára ẹgbẹ́ kan ṣoṣo.

Schwartz, Woloshin àti Welch tọ́ka sí ọ̀ràn wọ̀nyí nínú ìwé ìròyìn kan náà lọ́dún náà. Àríwísí wọn kò sọ pé kò sí ojúsàájú. Ìfiwéra ọ́ọ̀dì obìnrin dúdú sí ọkùnrin funfun jẹ́ 0.4, ìdá 13 nínú ọgọ́rùn-ún sì ni àǹfààní rẹ̀ fi dín kù. Ohun tí wọ́n fi hàn ni pé àròpọ̀ sọ ìyà obìnrin dúdú di ti gbogbo obìnrin àti ti gbogbo aláwọ̀ dúdú. Nítorí náà, kí òǹkàwé tó gba ìfiwéra ọ́ọ̀dì kan gbọ́, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ wá ìdá tí a rí nínú ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó sì fi wé èyí tí móḍẹ́lì ń sọ.