Rírọ ni Wọ́n Rọ Agogo Akéde

Ọmọṣẹ́ mi ti lọ wo àwọn asúdẹ lẹ́nu iṣẹ́ wọn. Ó rí bí wọ́n ṣe fi ìda mọ ère, tí wọ́n fi amọ̀ bò ó, tí wọ́n yọ́ ìda náà kúrò, tí wọ́n wá da idẹ sí àyè rẹ̀. Nígbà tí akéde gbé agogo irin ìlú wa wá sí ilé arọ́ kí n bá a tún ìdìmú rẹ̀ ṣe, ọmọ náà bi mí pé, "Bàbá, inú amọ̀ wo ni wọ́n da èyí sí?"

Agogo yẹn dàgbà ju bàbá mi àgbà lọ. Mo ní kí ọmọ náà fi àtàǹpàkò tọ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ méjèèjì. Ó kan ojú ìpàdé kan tó gba òkè dé ẹnu agogo. Mo ní kó wo inú rẹ̀, ó sì rí ojú òòlù.

Idẹ a máa yọ́ kó tó gbóná dé 1,000 lórí ìwọ̀n sẹ́ńtígíréédì, ṣùgbọ́n irin ń fẹ́ ju 1,500 lọ. Ìléru àwọn baba wa kì í gbóná tó bẹ́ẹ̀. Ògúlùtu irin tí ìdàrọ́ kún inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó jáde níbẹ̀, wọn a sì máa fi iná àti owú lé ìdàrọ́ náà kúrò títí irin yóò fi ṣeé tẹ́ pẹlẹbẹ.

Awẹ́ irin méjì ló di agogo. A ó lù wọ́n lórí igi tó ní kòtò kí wọ́n lè tẹ̀ kòròbòtò, a ó sì fi etí wọn sílẹ̀ pẹrẹsẹ kí ọ̀kan lè bá èkejì mu. Èmi fẹ́ràn ojú ìpàdé yìí ju ibi yòókù lọ, torí ibẹ̀ ni ọwọ́ alágbẹ̀dẹ ti ń hàn. Bí irin bá pọ́n lásán, yóò tẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní lẹ̀. Ẹwìrì gbọ́dọ̀ fẹ́ ẹ títí yóò fi fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun. A ó wọ́n yanrìn kíkúnná sí i kí èépá ojú rẹ̀ lè yọ́ kúrò, a ó sì lù ú kíákíá kó tó tutù. Bí ó bá ti ń ta ẹ̀ta púpọ̀, ó ti ń jó nìyẹn, ibẹ̀ yóò sì máa ya.

Mo gé awẹ́ méjì fún ọmọ náà lára páànù ọkọ̀ àlòkù tó nípọn. Nígbà tó lù ú tán, ohùn rẹ̀ ń ha. Mo ní kó dorí rẹ̀ kodò, kó bu omi sí i. Omi náà ń jò lápá òsì, nítòsí ìdìmú. Ó fi èédú sàmì síbẹ̀, ó nu ún gbẹ, ó sì dá ibẹ̀ nìkan padà sínú iná.