Ìṣẹ́jú Méjì fún Máàkì Kan
Mo gba ti akẹ́kọ̀ọ́ Àkúrẹ́ tàbí Oǹdó tó ń ṣírò máàkì kó tó kọ ohunkóhun. Ká ní bébà oníwákàtí mẹ́ta jẹ́ máàkì 70, ìbéèrè márùn-ún, 14 fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ìṣẹ́jú méjì fún máàkì kan á jẹ́ ìṣẹ́jú 28 fún ìbéèrè kan, 140 fún gbogbo rẹ̀. Fi 15 ka ìbéèrè ní ìbẹ̀rẹ̀, fi 25 yẹ iṣẹ́ wò nígbẹ̀yìn.

Bí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ láago mẹ́sàn-án, ìbéèrè àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ parí ní 9:43. Bí kò bá tíì parí, fi àyè sílẹ̀, kí o kọjá. Ẹni tó lo wákàtí kan níbẹ̀ kò lè gbà ju 14 lọ, òdo ni ìbéèrè tí kò fọwọ́ kàn.